Kéèkì 350: bí a ṣe ń yí Fárẹ́nháìtì sí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe kéèkì tà nílé, níbí ní Àkúrẹ́. Ìlànà tí mo rí lórí fóònù ní kí n yan án ní 350°F, ṣùgbọ́n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ sójú ófùn mi, láti 50 dé 250. Mo fi 1.8 pín 350, mo rí 194. Orí kéèkì jó, ó sán, inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ 30, kí n pín ohun tó kù sí méjì, ìyẹn 160. Èyí náà pẹ́ kó tó jinná, ó sì gbẹ. Èwo ni kí n tẹ̀lé nínú méjèèjì, mà?"

Má tẹ̀lé ìkankan nínú wọn, ọmọ mi. Iye tí 350°F jẹ́ gan-an ní Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni 176.67. Yí ófùn rẹ sí 175, tàbí kí o fi ọwọ́ rẹ̀ sí àárín 175 àti 180, kí o sì jẹ́ kó gbóná dáadáa kí páànù tó wọlé. Bí oníbàárà bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, lọ yan kéèkì rẹ ná, kí o padà wá ka ìyókù. Mo ní ìyókù nítorí pé 350 nìkan kọ́ ni ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà máa gbé wá bá ọ. Lọ́la á di 325, lọ́túnla á di 400, mi ò sì fẹ́ kí o máa fi ẹyin àti bọ́tà ṣe ìdánwò, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà wọ́n báyìí.

Omi ni kí a fi wo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí omi bá ń di yìnyín, Sẹ́lísíọ́ọ̀sì á pè é ní 0, Fárẹ́nháìtì á pè é ní 32. Nígbà tí omi kan náà bá ń hó lórí iná, Sẹ́lísíọ́ọ̀sì á ka 100, Fárẹ́nháìtì á ka 212. Láti yìnyín dé ìhó, ọ̀kan ka 100, èkejì ka 180, nítorí pé 212 tí a bá yọ 32 kúrò nínú rẹ̀, 180 ló kù. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì rìn, ẹsẹ̀ wọn ni kò gùn bákan náà. Bí o bá fi 100 pín 180, wàá rí 1.8 tí o lò yẹn. Nọ́ńbà rẹ kò burú rárá. Àwọn mìíràn á kọ ọ́ báyìí: 9 lórí 5. Ohun kan náà ni.

Fi ojú inú wo bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká, tí kálukú wọn ń ka ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ ti ń ka tirẹ̀ bọ̀ láti inú ilé. Nígbà tó máa fi bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọjà, ó ti ka 32, bàbá kò sì tí ì ka nǹkan kan. Láti ibẹ̀ lọ, bí bàbá bá gbé ẹsẹ̀ 5, ọmọ á gbé 9, nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé kò gùn. Wàyí o, bí ọmọ bá dúró lójú ọ̀nà tó ní òun ti ka 350, báwo la ṣe máa mọ iye tí bàbá kà? A ó kọ́kọ́ yọ 32 tó kà kí wọ́n tó pàdé, nítorí bàbá kò bá a rìn ín. Ohun tó bá kù ni wọ́n jọ rìn. Òun la ó wá yí padà sí ẹsẹ̀ bàbá. Ọmọ yẹn ni Fárẹ́nháìtì, bàbá ni Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, fọ́múlà náà kò sì ju ìtàn yìí lọ:

```
C = (F − 32) × 5 ÷ 9
F = (C × 9 ÷ 5) + 32
```

Jẹ́ kí a fi 350 rẹ ṣe é, kí o mú bírò. 350, yọ 32, ó ku 318. Sọ 318 di ìlọ́po 5, ó di 1590. Fi 9 pín 1590, ó fún ọ ní 176.67, tí a bá dá a dúró sí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn póìǹtì. Bí o bá fẹ́ràn 1.8 rẹ, fi pín 318 tààrà, ibì kan náà lo máa já sí. Láti mọ̀ bóyá ìṣirò rẹ pé, dá a padà: 176.67 lọ́nà 9, pín in sí 5, ó di 318. Fi 32 kún un, 350 rẹ ti padà wálé. Èmi kì í tan iná fún oníbàárà láìdá a padà báyìí, pàápàá bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ èyí tí mi ò lò rí.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti yẹ̀ ni pé o pín gbogbo 350, o kò yọ ohun tí ọmọ rìn nínú ilé. Dá 194.44 tí o rí padà sí Fárẹ́nháìtì, 382 ló máa jẹ́. Wò ó dáadáa: 350 ni, pẹ̀lú 32 lórí rẹ̀. Gbogbo 32 tí o gbàgbé láti yọ ló wọ inú ófùn lọ, tó di iná. Ìdí nìyẹn tí kéèkì rẹ fi rí bó ṣe rí. Nígbà tí ooru bá pọ̀ jù, òkè àti ẹ̀gbẹ́ kéèkì á tètè le, á sì tètè pọ́n, nígbà tí àárín ṣì jẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni ooru á wá dé àárín, táá fẹ́ wú, ṣùgbọ́n òkè ti dì, kò sí ibi tó máa gbà jáde ju kó la òkè náà lọ. Bí o bá rí kéèkì tó sán láàárín bí òkè, tí etí rẹ̀ dúdú, tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí o tì bọ inú rẹ̀ sì jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun tútù, iná ló pọ̀ jù. Má ṣe lọ máa dá páúdà ẹ lẹ́bi.

Àṣìṣe kan tún wà tó jọ tìrẹ, mo sì ti rí i lọ́wọ́ àwọn tó mọ fọ́múlà lórí. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ 350 di ìlọ́po 5, wọ́n á fi 9 pín in, wọ́n á wá yọ 32 gbẹ̀yìn. Iyẹn á fún wọn ní 162.44. Wọ́n ti yọ 32 ẹsẹ̀ bàbá, nígbà tó jẹ́ pé 32 ẹsẹ̀ ọmọ ló yẹ kí wọ́n yọ. Àkámọ́ inú fọ́múlà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù náà ní tirẹ̀: bí o bá tẹ 350 − 32 × 5 ÷ 9 lọ gbọọrọ láìfi àkámọ́ sí i, ọ̀pọ̀ fóònù á kọ́kọ́ ṣe ìlọ́po àti pípín, á wá gbé 332.22 jáde. Ó dára pé ófùn rẹ kò ju 250 lọ, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ á ta ọ́ lólobó. Tẹ 350 − 32, tẹ àmì tó ń mú ìdáhùn jáde kí o rí 318, kí o tó tẹ̀síwájú.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ, n kò lè bá a jà. Ọ̀nà àbùjá tó dára ni, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀, kì í ṣe kéèkì. Bí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà bá sọ fún ọ lórí fóònù pé 86 ni oòrùn ọ̀dọ̀ àwọn lónìí, yọ 30, ó ku 56, pín in sí méjì, 28. Iye rẹ̀ gan-an ni 30. Ìyàtọ̀ 2 péré, kò sẹ́ni tó máa wọ aṣọ òtútù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni àbùjá yẹn ń jìnnà sí òtítọ́, nítorí pé ìdajì ló ń mú, nígbà tó yẹ kó mú ìdá 5 nínú 9, èyí tó ju ìdajì lọ díẹ̀. Díẹ̀ nínú 56 kò tó nǹkan. Díẹ̀ nínú 318 ti di ohun tí kéèkì máa mọ̀. 160 tó fún ọ, 320°F ni. Wàá rí i pé ìwọ fi nǹkan bí 30 kọjá, òun fi 30 kù, ẹ̀yin méjèèjì sì jọ ń sunkún. Kéèkì tí iná rẹ̀ kéré báyìí á pẹ́ nínú ófùn, omi ara rẹ̀ á máa fẹ́ lọ ní gbogbo àkókò yẹn, ìgbà tí àárín bá fi máa jinná, etí ti gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì funfun bí ẹni tó ṣàìsàn.

Bí àbùjá ni o ń fẹ́, èyí tí mo ń lò nìyí, nígbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú ìyẹ̀fun tí n kò lè fọwọ́ kan fóònù. Yọ 32, kì í ṣe 30. Pín ohun tó kù sí méjì. Mú ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí o rí, fi kún un. 318 sí méjì jẹ́ 159, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 15.9, àpapọ̀ 174.9. O ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí o bá tún fi ìdá mẹ́wàá ti 15.9 kún un, 1.59, ó di 176.49, kò sì sí ófùn tó máa mọ̀ pé kò pé. Láti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ sí Fárẹ́nháìtì tún rọrùn ju èyí lọ, torí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ rárá: sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, fi 32 kún un. 180 lọ́nà méjì jẹ́ 360, yọ 36, ó ku 324, fi 32 kún un, 356. O rí i báyìí pé 180 tí ọ̀pọ̀ ìwé oúnjẹ máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 350 fi 6°F kọjá. Wọ́n kàn ń fà á sí nọ́ńbà tó wà lójú ófùn ni. Àwọn kan fà á sí 175, àwọn kan sí 180, èmi kò sì tíì rí kéèkì tó ráhùn nítorí ìyẹn.

Jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ, kí o má bàa rò pé ìwọ nìkan lo ti ba kéèkì jẹ́. Físíìsì ni mo fi ń jẹun kí n tó di oníkéèkì. Mo ti kọ fọ́múlà yìí sójú pátákó tó ìgbà tí n kò lè kà mọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ra ófùn gáàsì tókunbọ̀, ẹnìkan ní kí n ṣe kéèkì ìsọmọlórúkọ lọ sí Oǹdó. Ìwé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń lò ní 180. Mo yí kókó ófùn sí 180, mo sì jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan, etí kéèkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, àárín ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, ó ṣì ń mì. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kókó náà dáadáa: láti 150 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ dé 500. Wọn kò kọ F, wọn kò kọ C. Ófùn Amẹ́ríkà ni. 180 tí mo yí i sí, yọ 32, ó ku 148, lọ́nà 5, pín in sí 9: 82.2 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Inú kéèkì tó jinná máa ń tó nǹkan bí 96 sí 99. Ìyẹn ni pé bí mo bá fi kéèkì yẹn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, inú ófùn alára kò gbóná tó ohun tí inú kéèkì ń fẹ́. Olùkọ́ físíìsì! Láti ọjọ́ náà, bí kò bá sí lẹ́tà lójú ófùn, nọ́ńbà tó ga jù ni mo máa ń wò. Bó bá dúró sí 250 tàbí 300, Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni. Bó bá lọ dé 500 tàbí 550, Fárẹ́nháìtì ni.

O lè bi mí pé ta ló ní kí Fárẹ́nháìtì bẹ̀rẹ̀ yìnyín láti 32. Orúkọ ẹni tó ṣe é ni, Daniẹ́lì Gébúríẹ́lì Fárẹ́nháìtì, tí wọ́n bí ní 1686. Yìnyín tí wọ́n po mọ́ omi àti irú iyọ̀ kan ló fi ṣe 0 tirẹ̀, ìyẹn sì tutù ju yìnyín lásán lọ, nítorí náà yìnyín lásán bọ́ sí 32. Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tìkára rẹ̀, ará Súwídìn, gbé tirẹ̀ jáde ní 1742, ṣùgbọ́n òdìkejì ló kọ́kọ́ ṣe é: 0 ni omi tó ń hó, 100 ni yìnyín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yí i padà sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Bí wọn kò bá yí i ni, bí ófùn bá ṣe ń gbóná sí i ni nọ́ńbà rẹ̀ ì bá máa relẹ̀.

Ibì kan tún wà tí fọ́múlà yìí ti máa ń fi àwọn ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, o sì máa bá a pàdé láìpẹ́. Àwọn ìlànà kan á sọ pé bí páànù rẹ bá dúdú tàbí tó jẹ́ dígí, kí o dín iná kù ní 25°F. Ìwọ á mú 25, wàá yọ 32, wàá rí òdì 7, wàá pín in, ó di òdì 3.9, wàá wá máa wò bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Padà sọ́dọ̀ bàbá àti ọmọ. Bí ọmọ bá ní "ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 25 mi", ojú ọ̀nà ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ ilé kò sí níbẹ̀. 32 kò kàn án. Ẹsẹ̀ nìkan ni wàá yí: 25 lọ́nà 5, pín in sí 9, ó jẹ́ 13.89, ká pè é ní 14. Nítorí náà, 176.67 rẹ á di nǹkan bí 163. Ṣe é lọ́nà kejì kí o rí i pé òótọ́ ni: 350 tí o yọ 25 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 325. 325, yọ 32, ó ku 293, lọ́nà 5 jẹ́ 1465, pín in sí 9, 162.78. Wọ́n pàdé. Bí ìlànà bá ní "yan án ní" báyìí báyìí, yọ 32. Bó bá ní "dín in kù ní" tàbí "fi kún un ní", má yọ ọ́. Bákan náà ni ti ófùn tó ní fáànù nínú. Wọ́n máa ń ní kí a dín 20 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kù, ìyẹn sì jẹ́ 36 ní Fárẹ́nháìtì, kì í ṣe 68.

Ó ku ohun tí fọ́múlà kò lè ṣe fún ọ. 176.67 pé pérépéré, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí o yí kókó ófùn sí kì í ṣe ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ gbóná. Ófùn gáàsì máa ń gbóná kọjá, iná á relẹ̀, á tutù díẹ̀, iná á tún ru sókè. Ófùn tó ti gbó lè fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ parọ́ fún ọ lójoojúmọ́. Àwọn èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń jó pọ̀ kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà lójú, iná kékeré àti iná ńlá ni wọ́n mọ̀. Fún ìyẹn, fọ́múlà kò ní iṣẹ́ kankan láìsí tẹmómítà. Ra tẹmómítà ófùn, èyí tó rí roboto tí wọ́n ń gbé kọ́ sára irin, tó ka F àti C pọ̀ lójú kan náà. Gbé e kọ́ sí àárín gan-an, níbi tí páànù máa jókòó sí. Yí ófùn sí 175, fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí o wá máa wò ó láti ara dígí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Má ṣí ilẹ̀kùn, nítorí bí o bá ṣí i, ooru á jáde, nọ́ńbà tí o bá kà kì í ṣe ti ófùn mọ́.

Ká sọ pé o kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, o rí 185, 195 àti 190. Àárín wọn jẹ́ 190. Ófùn rẹ fi 15 gbóná ju bó ṣe sọ lọ, nítorí náà, bí 175 lo bá ń fẹ́, 160 ni kí o yí i sí. Kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kan, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó sì ṣeé ṣe, n kò rí ófùn rẹ, pé tìrẹ jẹ́ èyí tó ń tutù ju bó ṣe sọ lọ. Ìyẹn á jẹ́ kí 160 ọ̀rẹ́ rẹ burú ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lọ, kí 194 rẹ sì má burú tó bẹ́ẹ̀. Tẹmómítà nìkan ló lè sọ ọ́ fún wa. Bó bá ka 175 ní àárín, tí orí kéèkì ṣì ń sán, fi ìṣirò sílẹ̀, kí o gbé páànù sọ̀ kalẹ̀ sí irin tó tẹ̀ lé e, kí o sì wò ó bóyá o kò ti rọ ọ́ kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta páànù lọ.